Èsì: Ìlànà ìfowóránṣẹ́ tí kò ní rújú

"Oníbàárà mi kọ nọ́ńbà ìsanwó sí àyè orúkọ àkáǹtì. Báwo ni kí n ṣe kọ ìlànà náà?"

Ẹ fún ohun kọ̀ọ̀kan ní ìlà tirẹ̀, kí ẹ sì kọ orúkọ àkáǹtì gẹ́lẹ́ bó ṣe wà ní báǹkì. Lábẹ́ rẹ̀, ẹ kọ pé: "Ẹ kọ nọ́ńbà ìsanwó, INV2047, sí àyè àlàyé ìsanwó nìkan." Owó gan-an ló léwu jù lójú mi, nítorí pé àmì $ lè jẹ́ dọ́là Amẹ́ríkà, ti Kánádà tàbí ti Ọsirélíà, nítorí náà, bó bá jẹ́ ti Amẹ́ríkà, ẹ kọ USD 1250.00, kí ẹ sì sọ bóyá iye yìí ló gbọ́dọ̀ wọlé lẹ́yìn tí báǹkì bá ti yọ owó iṣẹ́ rẹ̀.