Mọ́nítọ̀ tí gbogbo ọ́fíìsì ń pín lò: ìgbà wo ló yẹ kó pa, ìgbà wo ló yẹ kó tì?

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́, ọ̀gá. Kọ̀ǹpútà 6 la ní ní ọ́fíìsì wa ní Iléṣà, àwa 11 la sì jọ ń lò ó. Ìnfátà wa kì í pẹ́ tó fi ń kú lọ́sàn-án, bẹ́ẹ̀ mọ́nítọ̀ á máa tàn níwájú àga tó ṣófo. Mo ní kó máa pa lẹ́yìn ìṣẹ́jú 2, àwọn tó ń ka fáìlì bá fárígá. Ìṣẹ́jú mélòó ló dáa? Báwo la sì ṣe lè máa tì í tí ẹlòmíì á ṣì rí i lò? — Akọ̀wé ọ́fíìsì, Iléṣà

Ìdáhùn: Ẹ kú iṣẹ́ o. Ẹ sọ ìṣẹ́jú 2 yẹn di 10. Ẹni tó ń kàwé kì í fọwọ́ kan nǹkan kan, kọ̀ǹpútà kò sì ní ọ̀nà míì tó fi lè mọ̀ pé èèyàn wà níwájú òun ju máósì àti kíbọọ̀dù lọ. Tó bá jẹ́ aago kan ṣoṣo lẹ fi ń ṣọ́ ẹni tó jókòó àti ẹni tó ti dìde lọ, ìyà á jẹ ọ̀kan nínú wọn ṣáá ni.

Aago tí àwọn méjèèjì nílò ti wà nínú Windows lọ́tọ̀ọ̀tọ̀. Ọ̀kan ń pa mọ́nítọ̀ nìkan. Ọ̀kan ń ti kọ̀ǹpútà, tí yóò fi béèrè pásíwọ́ọ̀dù. Ọ̀kan ń mú odidi ẹ̀rọ sùn. Ẹ̀kẹrin ni ọ̀pọ̀ èèyàn ò mọ̀, òun gan-an ló sì máa ràn yín lọ́wọ́: bí kọ̀ǹpútà bá ti wà ní títì, tí ẹnikẹ́ni ò fọwọ́ kàn án, mọ́nítọ̀ á pa lẹ́yìn ìṣẹ́jú 1 péré, iye yòówù tí ẹ ìbáà kọ sí aago àkọ́kọ́. Nítorí náà, kí gbogbo òṣìṣẹ́ máa tẹ bọ́tìnì Windows pọ̀ mọ́ L bí wọ́n bá ti ń dìde. Ẹni tó jókòó ní ìṣẹ́jú 10 rẹ̀, àga tó ṣófo ní ìṣẹ́jú 1.

Ẹ tẹ `cmd` síbi ìwákiri, ẹ yan Run as administrator, kí ẹ wá tẹ àwọn wọ̀nyí:

```
powercfg /change monitor-timeout-ac 10
powercfg /change standby-timeout-ac 0
powercfg /setacvalueindex SCHEME_CURRENT SUB_VIDEO VIDEOCONLOCK 60
powercfg /setactive SCHEME_CURRENT
```

Ìṣẹ́jú ni 10 ti ìlà kìíní, ìṣẹ́jú àáyá ni 60 ti ìlà kẹta. Orí ẹ̀rọ ni ètò yìí jókòó sí, kì í ṣe orí ẹnì kan, nítorí náà ẹ̀ẹ̀kan lẹ máa ṣe é lórí kọ̀ǹpútà kọ̀ọ̀kan, ó sì ti kan gbogbo ẹ̀yin 11 nìyẹn. Òdo tó wà ní ìlà kejì túmọ̀ sí pé kí odidi ẹ̀rọ má sùn fúnra rẹ̀. Mo mọ̀ọ́mọ̀ fi í bẹ́ẹ̀ ni. Tí kọ̀ǹpútà bá ń sùn, inú mẹ́mọ́rì ni iṣẹ́ tí wọn ò tíì tọ́jú wà. Bí ìnfátà bá kú lójijì, iṣẹ́ náà lọ nìyẹn. Èyí tí ẹ so ẹ̀rọ ìtẹ̀wé mọ́ náà ò gbọdọ̀ sùn, torí àwọn yòókù ò ní rí i lò mọ́.

Fún ẹni tó bá gbàgbé láti tì í, ẹ ṣí `secpol.msc`, ẹ wọ Local Policies, lẹ́yìn náà Security Options, kí ẹ kọ 900 sí Interactive logon: Machine inactivity limit. Ìṣẹ́jú 15 nìyẹn. Mo jẹ́ kó ju 10 lọ kí ẹni tó ń kàwé, tí mọ́nítọ̀ pa mọ́ lójú, lè kàn mi máósì kó sì máa bá iṣẹ́ rẹ̀ lọ láìtẹ pásíwọ́ọ̀dù. Ẹ tan kọ̀ǹpútà náà lẹ́ẹ̀kan sí i lẹ́yìn tí ẹ bá kọ ọ́. Windows Home kò ní `secpol.msc`. Lórí ìyẹn, ẹ wọ Screen Saver Settings, ẹ yan Blank, ẹ kọ 15, kí ẹ sì fàmì sí On resume, display logon screen. Èyí jókòó sórí àkántì ẹnì kọ̀ọ̀kan, nítorí náà kí oníkálukú ṣe tirẹ̀. Ẹ má sì rò pé àwòrán tó ń fò kiri lójú mọ́nítọ̀ ń dín iná kù. Iná tó wà lẹ́yìn gíláàsì ṣì ń tàn, kódà bí ojú rẹ̀ bá dúdú.

Kí títì má baà dí ẹlòmíì lọ́wọ́, kí oníkálukú ní àkántì àti pásíwọ́ọ̀dù tirẹ̀. Ẹni tó bá dé máa rí orúkọ tirẹ̀ nísàlẹ̀ lápá òsì, á tẹ̀ ẹ́, á wọlé, iṣẹ́ ẹni tó jáde á sì wà lẹ́yìn bó ṣe fi í sílẹ̀. Ibi tó ti ń le ni pé tí mẹ́mọ́rì bá jẹ́ 4 GB, èèyàn mẹ́ta tó ṣí iṣẹ́ sílẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà á mú ẹ̀rọ náà falẹ̀. Bí ẹnì kan bá sì fẹ́ pa kọ̀ǹpútà, Windows á kìlọ̀ pé àwọn míì ṣì wà nínú rẹ̀. Kó má ṣe tẹ Shut down anyway láìkọ́kọ́ béèrè.

Ẹ jẹ́ ká wo ohun tí ẹ máa rí nínú rẹ̀. Mọ́nítọ̀ LED oní-íńṣì 22 ń jẹ nǹkan bíi wáàtì 20. Tó bá sùn, kì í tó wáàtì 1. Mẹ́fà jẹ́ 120. Bí ó bá ń tàn lásán fún wákàtí 2 àti ààbọ̀ lójúmọ́, wáàtì-wákàtí 300 ló ṣòfò. Bátìrì olómi 12V, 200Ah, ní 2,400 nínú, ṣùgbọ́n ìdajì rẹ̀ ló yẹ kí ẹ lò kó lè pẹ́ láyé. Ìdá kan nínú mẹ́rin ohun tó yẹ kí ẹ lò nínú bátìrì kan lẹ gbà padà yẹn. Àpótí kọ̀ǹpútà fúnra rẹ̀ ṣì ń jẹ tó wáàtì 40 sí 60 bí mọ́nítọ̀ bá tilẹ̀ pa. Ìyẹn nìkan ni mo fi ń ní kí ẹ má jẹ́ kó tàn mọ́jú. Àṣẹ yìí ń kó gbogbo iṣẹ́ tó wà ní ṣíṣí sínú díìsìkì, á sì pa ẹ̀rọ ní agogo mẹ́fà ààbọ̀ ìrọ̀lẹ́:

```
powercfg /hibernate on
schtasks /create /tn Irole /tr "shutdown /h" /sc daily /st 18:30 /ru SYSTEM
```

Kì í kìlọ̀ kó tó pa, nítorí náà ẹ yan wákàtí tí ẹnikẹ́ni kì í sí ní ọ́fíìsì, kí ẹ sì kọ́kọ́ dán an wò lórí ẹyọ kan.

Bí mọ́nítọ̀ kan bá kọ̀ tí kò pa, ẹ tẹ `powercfg /requests` nínú cmd yẹn. Ẹ wo abẹ́ DISPLAY. Bí ẹ bá rí `chrome.exe` níbẹ̀, ẹnì kan ń wo fídíò tàbí ó fi í sílẹ̀ tó ń ṣiṣẹ́ lọ. Ẹ pa ojú ewé náà. Tó bá jẹ́ None. lẹ rí níbi gbogbo, ẹ dorí máósì kodò kí ẹ tún dúró: máósì tó wà lórí tábìlì gíláàsì lè máa sún fúnra rẹ̀, kọ̀ǹpútà á sì gbà pé èèyàn wà níbẹ̀. Ẹ fi pépà tẹ́ ẹ nísàlẹ̀.

Ẹ má fi dúdú ojú rẹ̀ nìkan mọ̀ pé ó ti sùn. Iná kékeré tó wà létí mọ́nítọ̀ ni kí ẹ wò: lórí ọ̀pọ̀ wọn, ó máa ń yí àwọ̀ padà tàbí kó máa ṣẹ́jú. Tí No Signal bá ń rìn kiri lójú rẹ̀ tí kò sì lọ, ètò inú mọ́nítọ̀ fúnra rẹ̀ lẹ máa tún ṣe, pẹ̀lú àwọn bọ́tìnì tó wà lára rẹ̀, níbi tó bá ti kọ Power Saving.