Èsì: Ọ̀rọ̀ tó ń wọ inú ìdè ìwé

“Ìwé ìtàn ìdílé wa, 6 × 9 ínǹṣì, ojú ewé 220. Nínú ẹ̀dà tí wọ́n kọ́kọ́ tẹ̀ n'Íjẹ̀bú-Òde, ọ̀rọ̀ wọ inú ìdè. Kí ni kí n ṣe?”

Ẹ kú iṣẹ́, ẹ̀gbọ́n. Àyè tó wà lápá ìdè ni kò fẹ̀ tó. Nínú Word, ẹ lọ sí Layout, Margins, Custom Margins, kí ẹ yan Mirror margins. Ẹ fi 0.75 ínǹṣì sí Inside, 0.5 ínǹṣì sí Outside, kí ẹ sì fi Gutter sí 0, torí ńṣe ni Word máa ń ro Gutter mọ́ Inside. Ojú ewé 1 á wá ní àyè ńlá lósì, ojú ewé 2 lọ́tùn-ún.

Ní ti fọ́tò inú ìwé, èyí tó bá kan etí bébà nìkan ló nílò àlékún. Ẹ jẹ́ kó fi 0.125 ínǹṣì kọjá ibi tí wọ́n máa gé. Tí ọ̀bẹ bá yẹ̀ díẹ̀, ìlà funfun ò ní yọ.