Ráńdábáòtù, òsì lẹ máa wò. Oríta tí ò ní bọ́ọ̀dù, ọ̀tún ni

“Ẹ jọ̀ọ́, ẹ̀yin tẹ́ ẹ ti ń wakọ̀ tipẹ́, mo ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kọ́ mọ́tò ni. Ta ló yẹ kó kọ́kọ́ kọjá ní ráńdábáòtù? Tó bá wá jẹ́ oríta tí ò síná, tí ò sí bọ́ọ̀dù ńkọ́?”

Ibi tí wọ́n ti ń gba ọwọ́ ọ̀tún ni mo ti ń wakọ̀ o, torí náà bó ṣe rí níbẹ̀ ni màá fi ṣàlàyé. Méjèèjì tẹ́ ẹ bèèrè yẹn ò jọra rárá. Èmi náà ti rò pé wọ́n jọra rí, ojú mi sì rí màbo.

Mi ò tíì pé ọdún kan tí mo gba láísẹ́ǹsì nígbà yẹn. Ráńdábáòtù ńlá kan ni mò ń gbà lójoojúmọ́, ó ti wá mọ́ mi lára débi pé òsì nìkan ni mo máa ń yíjú sí. Lọ́jọ́ tí mo gba àárín àdúgbò kan, mo dé oríta kékeré kan, ọ̀nà méjèèjì dọ́gba, kò síná, kò sí bọ́ọ̀dù, kò tiẹ̀ sí ìlà funfun nílẹ̀. Mo wo òsì, kò sẹ́nì kankan, ni mo bá wọlé, àfi gbàà! Mọ́tò kan forí sọ ilẹ̀kùn ọwọ́ ọ̀tún mi. Mo bọ́ sílẹ̀, mo fẹ́ máa pariwo pé èmi ni mo kọ́kọ́ débẹ̀, ọkùnrin náà kàn wò mí, ó ní “Ẹ̀gbọ́n, ọ̀tún yín ni mo ti ń bọ̀ o.” Èmi náà ni mo jẹ̀bi, èmi ni mo tún ilẹ̀kùn tèmi ṣe tí mo tún fi iná iwájú tiẹ̀ kún un.

Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ mú ti ráńdábáòtù. Tẹ́ ẹ bá ti ń sún mọ́ ọn, ẹ rọra, ẹ wọ jíà kejì, kẹ́ ẹ wo òsì, torí òsì yẹn làwọn tó ti wà nínú ẹ̀ máa gbà yọ sí yín, àwọn ló sì lọ̀nà. Ìdí tó fi rí bẹ́ẹ̀ ò le: tó bá jẹ́ ẹni tó ń wọlé ló lọ̀nà ni, inú ẹ̀ á kún, ẹni tó fẹ́ jáde ò ní ráyè jáde, gbogbo ẹ̀ á wá há síbẹ̀. Nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ọdún 1966 ni wọ́n sọ ọ́ dòfin pé ẹni tó wà nínú ẹ̀ ló lọ̀nà. Òsì làwọn ń gbà níbẹ̀ ṣá, torí náà ọ̀tún ni wọ́n máa ń wò. Àmọ́ tẹ́ ẹ bá rí bọ́ọ̀dù tàbí iná tó sọ nǹkan míì, ohun tó bá sọ ni kẹ́ ẹ ṣe.

Ibi tó ti máa ń mú àwọn tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kọ́ ọ ni tíráfíkétọ̀. Ẹnì kan nínú ráńdábáòtù á tan ti ọ̀tún, ẹ̀yin á rò pé ó fẹ́ jáde, ẹ ó sì wọlé, kẹ́ ẹ tó mọ̀ ó ti dé iwájú yín, àṣé látẹ̀yìn ló ti tàn án tó sì gbàgbé ẹ̀. Ẹ má wo iná yẹn nìkan, táyà iwájú ẹ̀ ni kẹ́ ẹ máa wò. Tí táyà yẹn bá ti kọjú síta, tí mọ́tò náà sì ti ń rọra, ó ń jáde nìyẹn. Ẹ̀yin náà, ẹ jẹ́ kẹ́ ẹ kọjá ọ̀nà tó ṣáájú tiyín kẹ́ ẹ tó tan ti ọ̀tún.

Ní oríta wá, ẹ kọ́kọ́ rí i dájú pé kò sí bọ́ọ̀dù lóòótọ́. Bọ́ọ̀dù onígun mẹ́ta tó dorí kodò àti èyí tó ní igun mẹ́jọ, èèyàn máa ń dá ìrísí wọn mọ̀ látẹ̀yìn pàápàá, torí náà ẹ wo ẹ̀gbẹ́ ọ̀nà kejì náà, tó bá wà níbẹ̀, àwọn ló máa dúró. Ẹni tó ń jáde látinú ọgbà tàbí ilé epo náà ò lọ̀nà, kódà kó wà lọ́tùn-ún yín.

Tí kò bá sí gbogbo ìyẹn, ẹni tó wà lọ́tùn-ún ló lọ̀nà. Ká ní ẹ fẹ́ lọ tààrà, Ṣẹ́gun wà lọ́tùn-ún yín, Bọ́lá wà lósì, àwọn náà ń lọ tààrà. Kò sẹ́ni lọ́tùn-ún Ṣẹ́gun, kó máa lọ. Ẹ̀yin lẹ kàn. Bọ́lá á dúró dè yín, torí ẹ̀yin lẹ wà lọ́tùn-ún tiẹ̀. Tẹ́ ẹ bá sì fẹ́ yà sósì, ẹ tún gbọ́dọ̀ jẹ́ kẹ́ni tó ń bọ̀ níwájú yín kọjá ná. Ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ò ní ti ọ̀tún yìí o, kò sẹ́ni tó lọ̀nà ní irú oríta bẹ́ẹ̀ níbẹ̀.

Tí mọ́tò mẹ́rin bá wá dé lẹ́ẹ̀kan náà láti ojú ọ̀nà mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, gbogbo yín lẹ ní ẹni lọ́tùn-ún, òfin ò lè yanjú ẹ̀. Ẹnì kan ló máa ní kí ẹlòmíì kọjá. Ọwọ́ ni kẹ́ ẹ jù sí i, kó rí i kedere, ẹ má ṣẹ́ iná sí i, torí ẹlòmíì rò pé ẹ ń sọ pé òun kọjá, ẹlòmíì sì rò pé ẹ ń sọ pé ẹ̀yin ń bọ̀.