Ltd, PLC, Inc àti Co: ta ló ni ilé-iṣẹ́ náà?

Ìbéèrè: Ẹ jọ̀wọ́, kí ni Ltd, PLC, Inc àti Co tó wà nídìí orúkọ ilé-iṣẹ́ túmọ̀ sí, kí ni wọ́n sì ń sọ nípa ẹni tó ni ín?

Ní Nàìjíríà, Ltd, ìyẹn Limited, ń fi hàn pé ilé-iṣẹ́ aládàáni ni, àti pé gbèsè rẹ̀ kò kan àwọn tó ni ín kọjá owó ìpín wọn. Ẹni tó gba ìpín 100,000 náírà, tó sì ti san án tán, kò sí ẹni tí ilé-iṣẹ́ jẹ lówó tó lè tìtorí gbèsè náà gba mọ́tò rẹ̀, àfi tó bá fọwọ́ ara rẹ̀ ṣe onígbọ̀wọ́. Òfin ilé-iṣẹ́ ti ọdún 2020 kò gbà kí irú onípìn-ín bẹ́ẹ̀ ju 50 lọ, láìka òṣìṣẹ́ mọ́ wọn.

PLC, ìyẹn Public Limited Company, ní ààbò kan náà, ṣùgbọ́n ó lè ta ìpín fún ará ìlú. Èyí kò sọ ọ́ di ti ìjọba, bí ọ̀pọ̀ ṣe rò, kò sì túmọ̀ sí pé ará ìlú ló ń darí rẹ̀: ẹnikẹ́ni lè ra ìpín Dangote Cement Plc ní ọjà ìpín ìdókòòwò, síbẹ̀ Dangote Industries Limited, tí í ṣe aládàáni, ló di ìpín tó ju 80 lọ mú nínú gbogbo 100.

Inc, ìyẹn Incorporated, ti Amẹ́ríkà, kò sọ ẹni tó ni ilé-iṣẹ́ rárá. Ará ìlú ń ra ìpín Apple Inc., ṣùgbọ́n ti ẹbí kan ni Mars, Incorporated.

Co, ìyẹn Company, ló ṣófo jù. Bí kò bá sí Ltd lẹ́yìn rẹ̀, ẹ yẹ orúkọ náà wò lórí ìkànnì CAC, àjọ tó ń forúkọ ilé-iṣẹ́ sílẹ̀, torí pé bó bá jẹ́ orúkọ òwò lásán, àpò ẹni tó ni ín ni gbèsè yóò ti jáde.