Ewé Ilá Tó Lu Bí Asẹ́: Bí A Ṣe Ń Po Dongoyárò àti Ọṣẹ

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́ o. Mo gbin ilá bíi igba ìdí sí ẹ̀yìnkùlé wa ní Ìkẹ́nnẹ́, ó ti pé ọ̀sẹ̀ mẹ́ta. Ewé rẹ̀ ti lu bí asẹ́, àwọn ìdí kan sì ti ń ká jọ. Tẹ̀tẹ̀ wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Mi ò fẹ́ lo kẹ́míkà líle nítorí àwọn ọmọ. Mo se ewé dongoyárò, mo po ọṣẹ ìfọṣọ lẹ́búlẹ́bú mọ́ ọn, mo fọ́n ọn, kò ṣiṣẹ́. Kí ló fà á?

Ìdáhùn: Iná ni ó kọ́kọ́ bà á jẹ́, mà. Èròjà kíkorò tó ń ṣiṣẹ́ nínú dongoyárò kì í fara da ooru púpọ̀, kì í sì fara da oòrùn pẹ́. Ọṣẹ ìfọṣọ lẹ́búlẹ́bú náà le jù fún ewé: ó máa ń bó ọ̀rá tó bo ewé, etí ewé á wá gbẹ bíi pé iná rà á.

Ẹ gún ewé dongoyárò tútù kílò kan nínú odó títí yóò fi kúnná. Ẹ rẹ ẹ́ sínú omi tútù lítà márùn-ún, ẹ bò ó, ẹ fi sí ibòji di ọjọ́ kejì. Ẹ fi aṣọ tó mọ́ sẹ́ ẹ dáadáa, nítorí pàǹtí díẹ̀ ti tó láti dí ẹnu ẹ̀rọ ìfọ́n. Ìgbà tí ẹ bá ń lọ fọ́n ọn gan-an ni kí ẹ tó po ọṣẹ olómi tí a fi ń fọ abọ́ mọ́ ọn, ṣíbí tíì kan sí lítà kọ̀ọ̀kan. Ọṣẹ tó bá pẹ́ nínú rẹ̀ lè sọ agbára dongoyárò di aláìlera. Iṣẹ́ ọṣẹ níbí ni pé kí omi náà tàn sára ewé ilá, tó ní irun wẹ́wẹ́, dípò kó máa ṣẹ́ bọ́. Lítà márùn-ún yìí máa ń tó igba ìdí tó ṣì kéré. Bí ilá bá dàgbà, ẹ ṣe é ní ìlọ́po méjì.

Ìrọ̀lẹ́ ni kí ẹ fọ́n ọn, lẹ́yìn tí ẹ bá ti ká ilá tán. Òdòdó ilá máa ń là láàárọ̀, oyin á sì wá sí i nígbà náà. Kí ilẹ̀ tó ṣú, ó ti padé. Ẹ fọ́n ọn sí abẹ́ ewé pàápàá. Ẹ tún un ṣe lẹ́yìn ọjọ́ márùn-ún sí méje, àti lẹ́yìn òjò ńlá, torí òjò Rẹ́mọ máa ń fọ gbogbo rẹ̀ dànù.

Àwọn kòkòrò kékeré tó ń fò pọ́n bí ẹ bá fọwọ́ kan ewé ló ń lu ilá yín. Ara wọn le, ọṣẹ nìkan kò ràn wọ́n. Dongoyárò náà kì í pa wọ́n lójú ẹsẹ̀, oúnjẹ ló ń mú wọn kórìíra. Nítorí náà ẹ má fi ihò àtijọ́ wò ó bóyá ó ṣiṣẹ́. Ẹ so òwú mọ́ ewé tuntun lórí ìdí mẹ́wàá, kí ẹ wò ó lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ kan. Bí ewé náà bá ṣì ń lu bíi ti tẹ́lẹ̀, ó ṣeé ṣe kí omi dongoyárò yín ti fẹ́lẹ́ jù, tàbí kí òjò ti fọ̀ ọ́ kúrò.

Ẹ yí ewé tó ká jọ padà. Bí ẹ bá rí kòkòrò wẹ́wẹ́ rírọ̀ tó ṣùpọ̀, tí èèrà sì ń rìn láàárín wọn, omi ọṣẹ lásán lòògùn wọn: ṣíbí tíì méjì sí lítà omi kan. Òun kì í pa ohun tí kò bá fọwọ́ kan, torí náà kí ó rẹ wọ́n lára. Ẹ kọ́kọ́ dán an wò lára ewé mẹ́ta di ọjọ́ kejì, kí ẹ mọ̀ bóyá ó jó o. Ṣùgbọ́n bí ewé bá ká jọ, tó kéré, tí kòkòrò kò sí lábẹ́ rẹ̀, tàbí tó ní àwọ̀ ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀, ó lè jẹ́ àrùn tí kòkòrò gbé wá. Kò sí omi tí yóò wo èyí. Ẹ fà á tu, kí ẹ gbé e jìnnà sí oko, kó má baà ran àwọn tó kù.

Ní ti tẹ̀tẹ̀, kòkòrò jéwéjéwé tó ń fi òwú pa ewé pọ̀ máa ń sá pamọ́ sínú rẹ̀, omi kì í dé ọ̀dọ̀ rẹ̀. Ẹ fọwọ́ já irú ewé bẹ́ẹ̀. Ẹ fọ́n dongoyárò lẹ́yìn tí ẹ bá gé tẹ̀tẹ̀, kí ó tó rú tuntun; bí ẹ bá fọ́n ọn nígbà tó ku ọ̀la kí ẹ gé e, ìkorò á wà nínú ọbẹ̀.