Kí ni "hándófà" tí àwọn oníṣẹ́ nẹ́tíwọ̀kì ń sọ?

Ìbéèrè: Ẹ jọ̀ọ́, mo gbọ́ tí àwọn tó wá tún òpó nẹ́tíwọ̀kì ṣe ládùúgbò wa ń sọ pé hándófà ò dáa níbí. Kí ni wọ́n ń pè bẹ́ẹ̀? Ṣé òun ló ń jẹ́ kí ìpè mi já níbi kan náà lójú ọ̀nà?

Ó ṣeé ṣe kó jẹ́ òun. Hándófà ni kí òpó kan fa ìpè tó ń lọ lọ́wọ́ lé òpó mìíràn lọ́wọ́, kí ẹni tó ń sọ̀rọ̀ má tiẹ̀ mọ̀.

Ẹ jẹ́ ká mú ẹni tó ń bọ̀ láti Ìbàdàn sí Èkó, tó ń pe èèyàn lórí 2G. Bó ṣe ń sọ̀rọ̀, fóònù rẹ̀ ń wo àwọn òpó tó yí i ká, ó sì ń jábọ̀ ní nǹkan bí ẹ̀ẹ̀mejì láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan: bí òpó tó ń lò ṣe lágbára tó, àti mẹ́fà tó lágbára jù nínú àwọn aládùúgbò rẹ̀. Fóònù kọ́ ló ń pinnu o. Ẹ̀rọ tó ń darí àwọn òpó ló ń pinnu.

dBm ni wọ́n fi ń wọn agbára nẹ́tíwọ̀kì, èyí tó bá sún mọ́ òdo jù ló lágbára jù. Ká ní òpó tó ń lò wà ní -92 dBm, ti iwájú sì wà ní -90. Ti iwájú ti lágbára jù, síbẹ̀ wọn ò ní tíì gbé ìpè náà lọ. Agbára yìí kì í dúró lójú kan. Tírélà tó bá kọjá lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọkọ̀ lè dín in kù. Bí wọn ò bá fi àlàfo díẹ̀ sí i, bíi 4, ìpè á kàn máa lọ, á máa bọ̀ láàárín òpó méjèèjì, ohùn á sì máa gé. Ìgbà tó bá ju àlàfo yẹn lọ, bíi -96 sí -88, ni wọ́n á tó ṣe é. Wọ́n á kọ́kọ́ gba àyè sílẹ̀ lórí òpó tuntun, lẹ́yìn náà ni òpó àtijọ́ á pàṣẹ fún fóònù pé kó máa lọ. Bí òpó tuntun ò bá dáhùn, fóònù á padà síbi tó ti kúrò.

Ibi tó sábà máa ń bàjẹ́ nìyí: òpó kọ̀ọ̀kan ló ní orúkọ àwọn aládùúgbò tirẹ̀ tí wọ́n kọ fún un. Bí wọ́n bá gbé òpó tuntun dúró tí wọn ò kọ ọ́ sí ti àtijọ́, fóònù ò ní wò ó rárá, bó tilẹ̀ wà níwájú gan-an. Òpó àtijọ́ á máa rẹ̀yìn títí ìpè á fi já.

Ẹ lè dá a mọ̀. Bí ẹ bá tún pè lójú ẹsẹ̀ níbẹ̀, tó wọlé, tí nẹ́tíwọ̀kì sì kún dáadáa, tó sì jẹ́ pé tẹ́ ẹ bá ń bọ̀ kì í já, ohun tó ń ṣẹlẹ̀ nìyẹn, torí pé orúkọ náà lè wà lápá kan kó má sí lápá kejì. Àmọ́ bó bá jẹ́ àsìkò súnkẹrẹ-fàkẹrẹ nìkan ló ń já, a jẹ́ pé òpó iwájú ti kún, kò sí àyè tó máa gba ìpè yín sí. Tẹ́ ẹ bá fẹ́ fi tó iléeṣẹ́ nẹ́tíwọ̀kì yín létí, ẹ sọ ibi tó ti já àti apá ibi tẹ́ ẹ dojú kọ.