Ẹran tí ẹ ṣà kúrò nínú ọbẹ̀ ti di ọbẹ̀

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́ o, mà. A fẹ́ gba 50 ènìyàn lálejò ìṣínu l'Ádó-Èkìtì, lọ́jọ́ Jímọ̀ kan nínú Lẹ́ńtì. Mùsùlùmí ló pọ̀ jù, àwọn ọmọ ìjọ Àgùdà wà níbẹ̀, àwọn 6 kan kì í sì í jẹ ohun ẹlẹ́mìí rárá. Iyán àti ọbẹ̀ ẹran kan náà ni mo fẹ́ sè. N kò ní fi ẹlẹ́dẹ̀ sí i, màá sì ṣa ẹran kúrò fún àwọn tí kì í jẹ ẹ́. Ṣé ó dáa?

Ìdáhùn: Rárá, kò dáa. Ẹ má ṣe é bẹ́ẹ̀.

Ọ̀rọ̀ ẹlẹ́dẹ̀ nìkan kọ́ ni háláàlì. Adìẹ tàbí màlúù tí ẹ rà gbọ́dọ̀ jẹ́ èyí tí a dú lọ́rùn pẹ̀lú orúkọ Ọlọ́run, tí ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ sì dà. Ẹran ìgbẹ́ tó ti kú sínú pàkúté kí ọdẹ tó dé ibẹ̀, òkú ẹran ni. Ẹ̀yin kò sì lè wo tọ́kì inú yìnyín kí ẹ mọ ẹni tó pa á.

Ṣíṣa ẹran kúrò yẹn ló ń bí mi nínú jù, torí ojoojúmọ́ ni wọ́n ń bi mí. Omi ẹran tí ẹ fi se ata ńkọ́? Edé tí ẹ lọ̀ ńkọ́? Òróró tí ẹ ti fi dín ẹran ńkọ́? Mo wà níbi ìnáwó kan n'Íkẹ̀rẹ́ tí ìyá àgbà kan ti fi ìka tú ẹ̀fọ́ rírò rẹ̀, tó rí orí edé kan pẹ̀lú ojú dúdú rẹ̀. Ó rọra gbé àwo sílẹ̀. Ebi ni ìyá náà gbé lọ sílé.

Ohun tí màá ṣe rèé: ẹ má se ẹran rárá lọ́jọ́ náà. Àwọn Àgùdà kì í jẹ ẹran lọ́jọ́ Ẹtì inú Lẹ́ńtì, ṣùgbọ́n wọ́n lè jẹ ẹja. Mùsùlùmí náà ń jẹ ẹja láìsí pé a dú u. Ìkòkò ẹja kan ti tó àwọn méjèèjì. Bí ẹnìkan bá ní òfin tirẹ̀ tó le ju èyí lọ, ẹ bi òun fúnra rẹ̀ tàbí àáfà rẹ̀. Èmi alásè ni mo jẹ́.

Ẹ fi epo pupa, ata, àlùbọ́sà àti irú din ata náà. Irú ni yóò fún un ní adùn, hóró igi sì ni. Kí ẹja tàbí edé tó kàn án, ẹ bu ti àwọn 6 náà sọ́tọ̀. Ìgbakọ 2 tó ẹnìkan, ṣùgbọ́n ẹ bu 15, torí wọn kò lè tún yà sí ìkòkò kejì bí tiwọn bá tán. Ẹ fi ẹ̀gúsí àti olú parí rẹ̀. Ẹ ka ohun tí wọ́n kọ sára páálí magí yín, nítorí adìẹ tàbí edé wà nínú òmíràn. Ẹ so òwú funfun mọ́ ìgbakọ tiwọn, kí ẹni tó ń bu oúnjẹ má baà fi ti ẹja kàn án.

Ní ti iyán, ẹ má tètè gún un. Dàbínù àti omi ni àwọn Mùsùlùmí yóò fi ṣínu, wọn yóò sì kírun kí wọ́n tó jókòó. Nígbà tí wọ́n bá dìde lọ kírun ni kí ọmọ odó kọ́kọ́ dún. Iyán tó ti dúró tó wákàtí kan nínú kúlà yóò máa yọ omi nísàlẹ̀.